Ẹ kú iṣẹ́ àbí ẹ kú ìṣẹ́? Bí a ṣe ń fi àmì ohùn sí ìkíni kí ìtumọ̀ rẹ̀ má baà yí padà

Iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kùnà rẹ̀ lójoojúmọ́: kí a kọ ìkíni Yorùbá kúkúrú sórí káàdì, sórí bánà tàbí sínú àtẹ̀jíṣẹ́, kí a fi àmì ohùn sí i, kí ohun tí a kọ sì jẹ́ ohun tí a fẹ́ sọ gan-an. Ẹni tí kò fi àmì kankan sí i ṣì lè rí àforíjì, nítorí pé ẹni tí ó ń kà á yóò fúnra rẹ̀ wá ìtumọ̀ tí ó bá ibẹ̀ mu. Ẹni tí ó fi àmì òdì sí i ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro, nítorí pé ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ìtumọ̀ mìíràn fún ẹni tí ó ń kà á.

Mo wà níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n so bánà ńlá kan mọ́ ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé, “Ẹ kú ìṣẹ́ ọdún 35.” Ẹni tí ó kọ ọ́ rò pé bí àmì bá ṣe pọ̀ tó ni Yorùbá ṣe ń péye tó. Ohun tí ó wà lára bánà náà ni pé a ń kí àgbà olùkọ́ náà fún òṣì ọdún 35. Kò bínú. Ó dìde, ó yọ bírò pupa jáde nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó fa ìlà kan la àmì orí lẹ́tà i kọjá, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe sí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó sì padà jókòó. Àmì kan ṣoṣo ni ó pa rẹ́, ìkíni náà sì bọ̀ sípò.

Iṣẹ́ ni ohun tí a ń fi ọwọ́ tàbí ọpọlọ ṣe. Ìṣẹ́ ni àìní àti òṣì. Lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀, àmì tí ó wà lórí i nìkan ni ó pín wọn níyà, òun náà ni ó sì mú kí gbólóhùn tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ̀, “Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́,” ní ìtumọ̀. Bí ẹ bá fi àmì kan náà sí ọ̀rọ̀ méjèèjì nínú gbólóhùn yẹn, ẹ ó máa sọ pé òṣì ni oògùn òṣì. “Ẹ kú iṣẹ́” ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìtọ́sọ́nà yìí, màá sì mú “ẹ káàbọ̀” àti “ẹ kú ewu ọmọ” wọ inú rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti wúlò.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ nílò ìwé àti bírò, nítorí pé ó sàn kí ẹ fi ọwọ́ kọ ìkíni náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ nílò kíbọ́ọ̀dù tí ó ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Ẹ nílò ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá kan tí ó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ tún nílò ẹnì kan tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ, tí yóò ka iṣẹ́ yín sókè nígbà tí ẹ bá parí. Ohùn ẹnu tiyín gan-an ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ń kí ènìyàn bó ṣe yẹ ní ẹnu, ìdáhùn ti wà lọ́dọ̀ yín, ohun tí ó kù ni bí ẹ óo ṣe gbé e sórí ìwé.

Ìpele 1: Ẹ ya ọ̀rọ̀ inú ìkíni náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ kọ ìkíni náà láìsúnkì, kí ẹ sì fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ń sọ lẹ́nu pé “ẹ kúṣẹ́” di ọ̀rọ̀ mẹ́ta: ẹ, kú, iṣẹ́. “Ẹ káàbọ̀” di ẹ, kú, àbọ̀. Ẹ má tíì ronú nípa àmì orí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ní ìpele yìí.

Ibí yìí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti máa ń wọlé. Àwọn kan a máa kọ ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ pọ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n. Bí ẹ bá kọ “eku” láìsí àlàfo àti láìsí àmì, ẹran kékeré tí ń sá kiri inú àká ni ẹ kọ. Bí ẹ bá kọ “ẹ̀kú,” aṣọ tí eégún ń gbé wọ̀ ni. Èyí tí ó burú jù lọ ni ti ìkíni tí a ń kí ẹni tí a jù lọ tàbí ọ̀rẹ́ wa, “O kú iṣẹ́.” Ẹni tí ó bá so ó pọ̀, tí ó sì wá fi àmì ìsàlẹ̀ sórí lẹ́tà àkọ́kọ́ kí ó lè lẹ́wà, yóò kọ “Òkú iṣẹ́.” Òkú ni ẹni tí ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Mo ti rí “Òkú ọdún” lórí káàdì tí bàbá kan fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà kò sì mọ ohun tí òun ìbá fi dáhùn.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò èyí tí ó kẹ́yìn. Ẹ lè sọ pé ẹ kú ọdún, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrìn. Bí “ẹ kú” bá dúró láìyí padà, tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nìkan sì ń lọ tí òmíràn ń bọ̀, ẹ ti pín in bó ṣe yẹ.

Ìpele 2: Ẹ fi àmì sí “ẹ” àti “kú” lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì padà sí wọn mọ́

Ẹ tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà tàbí tí a fi ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ jẹ́ ohùn àárín nínú ìkíni, nítorí náà àmì kankan kò sí lórí rẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ kò yẹ ẹ́, àmì òkè kò sì yẹ ẹ́. O tí a fi ń kí ẹnì kan ṣoṣo náà rí bẹ́ẹ̀.

Kú gba àmì òkè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rù láti fi àmì yìí sí i nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń kọ kú tí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀mí bọ́, wọ́n sì rò pé bí àwọn bá yí àmì náà padà, àwọn ti mú ọ̀rọ̀ ikú kúrò nínú ìkíni. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí Yorùbá tí ó gbọ́ “ẹ kú iṣẹ́” tí ó ronú nípa ikú, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e ti fi hàn pé ìkíni ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ “ẹ kù,” ẹ ti mú ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé, ìyẹn kù tí ó túmọ̀ sí pé nǹkan ṣẹ́kù tàbí pé kò tíì pé. Òun ni ó wà nínú “ó kù díẹ̀ káàtó,” tí a fi ń sọ nípa ẹni tàbí ohun tí kò tó bó ṣe yẹ. Ẹni tí ẹ fẹ́ yìn lè kà á pé ẹ ń sọ fún òun pé òun kù díẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ sọ “ẹ kú” ní ẹnu, kí ẹ sì sọ “ẹ wá” tẹ̀lé e, bí ìgbà tí ẹ bá ń pe àgbà. Orin kan náà ni ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́, re mí, re mí. Bí tiyín bá lọ sílẹ̀ bíi “ẹ wà,” kù ni ẹ ń sọ.

Ìpele 3: Ẹ kọ́kọ́ fi àmì sábẹ́ lẹ́tà

Àmì abẹ́ lẹ́tà ni ó ń sọ lẹ́tà wo ni a ń pè, àmì orí lẹ́tà sì ń sọ bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò. Ẹ má ṣe wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ibi tí ènìyàn ti ń ṣe méjèèjì pọ̀ ni ó ti máa ń gbàgbé ọ̀kan. “Ise” di “iṣẹ” ná, “abo” di “abọ” ná. “Ewu” kò gba nǹkan kan lábẹ́, ẹni tí ó bá sì fi sí i ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀wù tí à ń wọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ ka ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ohùn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tí ń kígbe láti òkèèrè. Bí ẹnu yín bá ṣí gbàgàdà lórí ẹ àti ọ, àmì abẹ́ wà níbi tí ó yẹ.

Ìpele 4: Ẹ fi ohùn wọn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Ẹ súfèé ọ̀rọ̀ náà tàbí kí ẹ fi imú kùn ún láìpe lẹ́tà kankan. Dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, nítorí pé sílébù ìkẹyìn ni ó máa ń rọrùn jù láti gbọ́. Ṣẹ́ nínú iṣẹ́ jẹ́ mí, nítorí náà àmì òkè ni ó gbà: iṣẹ́.

Nígbà tí ẹ bá dé orí fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, òfin kan wà tí yóò dín iṣẹ́ yín kù. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀-orúkọ tí fáwẹ̀lì bá bẹ̀rẹ̀ kì í ní ohùn òkè lórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ náà. Ohùn àárín tàbí ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ó lè wà níbẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá kọ “íṣẹ́” tàbí “ọ́dún” ti kọ ohun tí kò sí, kì í ṣe pé ó yan ìtumọ̀ tí kò tọ́. Ọ̀nà méjì péré ni ó wà níwájú yín: i tí kò ní àmì, tàbí ì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, nítorí pé ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ súnmọ́ ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, etí sì lè má tètè yà wọ́n. Ẹ má ṣe tẹ́tí sí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ tẹ́tí sí ohun tí ó ń ṣe sí sílébù tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí ohùn òkè bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, kì í dúró sójú kan, ńṣe ni ó máa ń gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nínú ìṣẹ́, ẹ ó gbọ́ bí ṣẹ́ ṣe ń gun òkè bí ẹni tí ń gun àkàsọ̀. Nínú iṣẹ́, ṣẹ́ ti wà lókè láti ìbẹ̀rẹ̀, kò gun nǹkan kan.

Bí etí yín kò bá tíì dá a mọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ó dá yín lójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé, owó àti ajá jẹ́ re mí. Ìwé, ìlú àti ẹ̀kọ́ jẹ́ dò mí. Ẹ sọ ọ́ sókè ní méjì-méjì: ilé, iṣẹ́, ilé, iṣẹ́. Lẹ́yìn náà: ìwé, ìṣẹ́, ìwé, ìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ fi kí káfíńtà tí ó wà lẹ́nu pákó rẹ̀ bá ilé rìn, kò bá ìwé rìn.

Ọ̀nà kan náà ni ẹ óo gbà wọn àwọn yòókù. Àbọ̀, ìyẹn dídé láti ibi tí a lọ, jẹ́ dò dò bíi ọ̀nà àti àgbà. Abọ́ tí a ń bu oúnjẹ sí jẹ́ re mí bíi ajá.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì tí orin wọn bá tirẹ̀ mu sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ sì yẹ àmì wọn wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Àmì tiyín gbọ́dọ̀ jọ tiwọn.

Ìpele 5: Ẹ fi “rí” dán an wò

Èyí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ, nítorí pé kò bèèrè pé kí ẹ dá ohùn mọ̀, ohun tí ó bèèrè ni pé kí ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ ti máa ń sọ ọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀-ìṣe rí síwájú ọ̀rọ̀-orúkọ yín, kí ẹ sì sọ méjèèjì kíákíá títí wọn yóò fi súnkì di ọ̀kan.

Ẹni tí ó bá rí aṣọ a máa sọ pé òun ráṣọ. Ẹni tí ó bá rí ọ̀bẹ a máa sọ pé òun rọ́ọ̀bẹ. Nínú ti àkọ́kọ́, fáwẹ̀lì kan ti pòórá, ohùn àárín tí ó wà lórí aṣọ sì bá a lọ láìfi ipa sílẹ̀. Nínú ti èkejì, ohùn ìsàlẹ̀ kọ̀ láti lọ: ó dúró, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fà díẹ̀. Ohùn àárín a máa parẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ kì í parẹ́, ohun tí ẹ sì ń tẹ́tí sí ni bóyá ọ̀rọ̀ náà fà.

Ẹ wá fi sí iṣẹ́. Ọmọ tí ó jáde ní yunifásítì, tí ilé-iṣẹ́ kan sì gbà, a máa pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé, “Màmá, mo ríṣẹ́.” Ó yára, kò fà. Bí ó bá sọ pé, “Mo ríìṣẹ́,” tí ohùn sì fà lọ sílẹ̀ ní àárín, ìyá rẹ̀ yóò rò pé ojú ọmọ òun ti rí àìní ní ìlú tí ó wà. Nítorí pé ríṣẹ́ ni ẹnu yín ń sọ nígbà tí ẹ bá ń sọ nípa iṣẹ́, fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ jẹ́ ohùn àárín, kò sì gba àmì.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń ka ìwé fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ní súnkì, ìdánwò náà kò sì ní sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ sọ ọ́ bí ìgbà tí ẹ bá wà lọ́jà.

Àyẹ̀wò: ẹ ní kí ẹlòmíràn sọ “mo rí” pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà láìsọ ìdí rẹ̀ fún un. Bí tirẹ̀ bá yára bíi tiyín, tàbí tí ó fà bíi tiyín, ẹ ti rí i.

Ìpele 6: Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìkíni tí ó ti súnkì

Ohun tí a ti sọ nípa rí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí kú pẹ̀lú. Ẹ kú iṣẹ́ súnkì di ẹ kúṣẹ́, i sì lọ pátápátá. Ẹ kú àbọ̀ súnkì di ẹ káàbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ sì dúró sórí a kejì. Ìdí nìyí tí a méjì fi wà nínú káàbọ̀, tí ọ̀kan gba àmì òkè tí èkejì sì gba àmì ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹ lọ wo àwọn kápẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n ń tẹ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn àti àwọn bánà tí wọ́n ń gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. “Ẹ kábọ́” wà lára wọn. Bí ẹ bá tú u palẹ̀ bí a ti ń tú u, kú àti abọ́ ni yóò jáde, ohùn àárín orí abọ́ sì ti parẹ́ bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó kọ ọ́ ń kí àlejò rẹ̀ nípa àwo oúnjẹ. Àṣìṣe kejì ni kí a tú káàbọ̀ palẹ̀ kí a sì kọ “ẹ kú ààbọ̀,” nítorí pé a rí a méjì nínú rẹ̀. Ààbọ̀ ni ìdajì nǹkan. A kan ṣoṣo ni ti àbọ̀, èyí àkọ́kọ́ nínú káàbọ̀ wá rọ́pò u tí ó wà nínú kú.

Òfin yìí ní ibi tí ó mọ. “Ẹ káalẹ́” kò tẹ̀lé e, nítorí pé alẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn àárín, síbẹ̀ a ń fà á, a sì ń kọ a méjì. Ẹ kọ́ ọ sórí bí ó ti wà, kí ẹ má sì fi ṣe ìwọ̀n fún àwọn yòókù.

Àyẹ̀wò: ẹ ka ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ kí ẹ sì tú u padà sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti Ìpele 1. Bí ohun tí ó jáde kò bá jẹ́ ohun tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, àmì kan ti ṣí nípò.

Ìpele 7: Ẹ fi ohùn àárín sílẹ̀ láìní àmì

Ọwọ́ ni ó máa ń yun àwọn ènìyàn. Wọ́n á rí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì kankan lórí rẹ̀, wọ́n á rò pé kò tíì parí, wọ́n á sì wá nǹkan fi sí i. “Ẹ kú ewu ọmọ,” tí a fi ń kí ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti àwọn ará ilé rẹ̀, ni ó máa ń jìyà èyí jù lọ. Ewu jẹ́ re re. Ọmọ náà jẹ́ re re. Kò sí ibì kankan tí àmì yẹ nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹni tí ó bá fi àmì òkè sórí u kọ “ẹ kú ewú ọmọ.” Ewú ni irun funfun orí àgbà, ìkíni náà sì ti di ti irun funfun ọmọ tuntun. Bí ó bá sì jẹ́ àmì abẹ́ àti àmì ìsàlẹ̀ ni ó fi kún un, ẹ̀wù ọmọ ni, bí ẹni pé aṣọ tí wọ́n rà fún ọmọ ni a wá kí wọn fún.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ìka sórí àmì kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti kọ, kí ẹ sì sọ bóyá dò ni tàbí mí. Èyí tí ẹ kò bá lè sọ ìdí rẹ̀, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ náà súfèé.

Ìpele 8: Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dáàbò bo àmì náà títí dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé

Lórí fóònù, ẹ fi Yorùbá kún àwọn èdè kíbọ́ọ̀dù yín. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, bí ẹ kò bá ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ẹ lè tẹ àwọn nọ́ḿbà yìí nínú Microsoft Word, kí ẹ sì tẹ Alt àti X pọ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
1EB9   ẹ
1ECD   ọ
1E63   ṣ
0301   àmì òkè, lẹ́yìn lẹ́tà
0300   àmì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà
```

Kò sí nọ́ḿbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Ẹ óo kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà tí ó ní àmì lábẹ́, kí ẹ tó tẹ àmì ohùn lé e. Fún iṣẹ́, ẹ tẹ i, lẹ́yìn náà 1E63, lẹ́yìn náà 1EB9, lẹ́yìn náà 0301, pẹ̀lú Alt àti X lẹ́yìn nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan. Ní ti káàbọ̀, ẹ ó bá ìdíwọ́ kan pàdé. Word lè ka lẹ́tà a mọ́ 0301 tàbí 0300 tí ó tẹ̀lé e, tàbí kí ó ka lẹ́tà b mọ́ 1ECD, nítorí pé a, b, c, d, e àti f wà lára ohun tí a fi ń kọ irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀, ohun àjèjì yóò sì jáde. Ẹ fi máòsì sàmì sí nọ́ḿbà náà nìkan kí ẹ tó tẹ Alt àti X.

Ìṣòro mìíràn wà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Àwọn fọ́ǹtì ọ̀ṣọ́ kan kò ní àyè fún àmì méjì lórí lẹ́tà kan, àmì òkè á wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí àpótí kékeré gba ipò rẹ̀. Atẹ̀wé á gbìyànjú láti tún un ṣe pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìṣẹ́ ti ń wọlé. Noto Sans àti Charis SIL ń gbé àmì Yorùbá dúró dáadáa. Ẹ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi PDF, kí ẹ sì kọ ọ́ fún atẹ̀wé pé kí ó má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Àyẹ̀wò: kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tẹ “ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ” jáde sórí ìwé pélébé kan pẹ̀lú fọ́ǹtì tí wọn yóò lò. Àmì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jókòó sórí lẹ́tà tirẹ̀.

Iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ká ní aládùúgbò yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú ọmọ tuntun, ìyá rẹ̀ sì wà nílé tí ó ń wẹ ọmọ fún un. Ohun tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ ni: “E kaabo o. E ku ewu omo. E ba wa ki mama ku ise.”

Ẹ ya ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀: ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ bá wa kí màmá kú iṣẹ́. Ẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ re, wọn kò gba àmì orí. Kú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ mí. Àbọ̀ bá ọ̀nà rìn, nítorí náà nígbà tí ẹ bá sún un kì, ohùn ìsàlẹ̀ dúró: káàbọ̀. Ewu àti ọmọ kò gba nǹkan kan lórí. “Wa” tí ó wà láàárín “bá” àti “kí” túmọ̀ sí àwa, re ni, ẹ má sì fi àmì sí i, torí pé wá ni ẹni tí a ní kí ó bọ̀, wà sì ni ohun tí ó wà níbì kan. Màmá jẹ́ dò mí. Iṣẹ́ wá kù. Ẹ sọ ọ́ kíákíá pé ẹ ríṣẹ́. Kò fà, nítorí náà i kò ní àmì.

“Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ bá wa kí màmá kú iṣẹ́.”

Ẹ fún ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ ní fóònù náà, kí ó kà á sókè. Bí ó bá kà á láìdúró, tí kò sì bi yín pé kí ni ẹ fẹ́ sọ, ẹ fi ránṣẹ́. Bí ó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ má sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ gba fóònù náà padà, kí ẹ sì lọ súfèé ọ̀rọ̀ tí ó dúró lé lórí.